Agbádá funfun lára ògiri funfun: Magic Wand, Quick Selection àbí Pen Tool?

Tí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé ní Ìjẹ̀bú-Òde, pósítà rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ló máa ń gba ọwọ́ wa ní ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń bà á jẹ́ ni fífi Photoshop gé èèyàn kúrò lára ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú fọ́tò kan: bàbá kan wọ agbádá gínì funfun, ó dé fìlà pupa, ògiri funfun ló sì fẹ̀yìn tì.

Magic Wand ni gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ sáré mú. Àwọ̀ nìkan ló ń wò: ibi tí ẹ bá tẹ̀, gbogbo ohun tó bá jọ ọ́ ló máa kó. Tí Tolerance bá wà ní 32 tí ẹ bá a, á kó ògiri, á sì bu èjìká agbádá mọ́ ọn. Ẹ dín in kù sí 10, ògiri á ṣẹ́kù ní abala abala, èjìká ò sì tíì bọ́. Báàgì gàárì lórí pépà búlúù ni kí ẹ fi irú rẹ̀ gé.

Quick Selection máa ń wá etí nǹkan, torí náà ó dáa fún fìlà pupa yẹn. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ti parí. Tó bá kọjá ààlà, ẹ di Alt mú kí ẹ fi pa á rẹ́.

Agbádá fúnra rẹ̀, Pen Tool ni. Ẹ tẹ P, kí ẹ sì rí i pé Path ló wà lókè, kì í ṣe Shape, torí Shape á da àwọ̀ bo fọ́tò. Ẹ sún un mọ́ ojú dé 200%.

Ibí ni wàhálà wà. Ẹ má to àmì jọ bí ẹni ń gbin àgbàdo. Etí agbádá á rí págunpàgun bí ayùn. Ibi tí etí ti yí ọ̀nà padà nìkan ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ má tíì tú máòsì sílẹ̀, kí ẹ fà á síbi tí etí ń lọ, apá méjì á sì yọ lára àmì náà. Tí ẹ bá dé igun, bí ibi tí apá agbádá ti ṣẹ́ po, ẹ di Alt mú kí ẹ tẹ àmì yẹn, kí apá iwájú rẹ̀ gé kúrò. Ẹni tí kò bá gé e á rí i pé ìlà tó tẹ̀ lé e wú síta bíi ikùn. Ctrl+Z, ẹ tún un ṣe.

Inú aṣọ ni kí ìlà yín máa gbà, bíi píksẹ́lì kan sí méjì. Tí ẹ bá rìn lórí etí gan-an, ògiri á tẹ̀ lé agbádá bọ̀ bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, kedere lẹ ó sì rí i lórí pósítà pupa.

Tí ẹ bá pa dà dé ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, tí òrùka kékeré yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́ẹ̀nì, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ lọ sí Paths, ẹ tẹ Work Path lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ sọ ọ́ lórúkọ, torí ìlà tuntun lè gba ipò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Ctrl+Enter. Ẹ wá mú Quick Selection, ẹ di Shift mú kí ẹ fi orí àti fìlà kún un. Mi ò kì í tẹ Delete. Add layer mask ni mo máa ń tẹ̀, kí n lè dá èjìká pa dà tí oníbàárà bá ní ó ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù.