Bí a ṣe ń kọ lẹ́tà sí òbí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ akọrin

Ìkíni àti orúkọ ìjọ kò le, ẹ kọ ọ́ bí ẹ ti máa ń kọ ọ́. Kí gbogbo lẹ́tà náà má ṣáà kọjá ojú ewé kan. Mi ò tíì rí òbí tó ka ojú ewé kejì.

Àkókò ìdánrawò ni ọ̀pọ̀ olùdarí akọrin ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á kọ "Ìdánrawò, Sátidé, aago 4:00", ó tán. Èmi náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn kan mú ọmọ wá ní 3:30, wọ́n bá ìlẹ̀kùn ní títì. Àwọn mìíràn rò pé aago 4:00 ni kí àwọn kúrò nílé, wọ́n dé ní 4:20. Ọmọ tó dé ní 4:20 kò bá wa níbi tí a ti ń fi ìṣẹ́jú 10 na ohùn, tí a pa ẹnu dé tí a ń kùn jẹ́jẹ́ kí á tó máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe jókòó, ibi tí orin ti ga ló bá. Ló bá na ọrùn sókè, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, ó ń pariwo, ó rò pé òun ń kọrin. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ohùn ti há.

Nítorí náà, àkókò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀:

Ìlẹ̀kùn á ṣí ní 3:45.
Ohùn nínà bẹ̀rẹ̀ ní 4:00, kí ọmọ ti jókòó.
Ẹ wá mú ọmọ ní 5:00.

Ẹ má kọ "nǹkan bíi aago 5:00" o. "Nǹkan bíi" yẹn ló mú mi dúró lẹ́nu ọ̀nà títí di 5:40 pẹ̀lú ọmọ kan tó ń sunkún. Ẹ fi àyè sílẹ̀ kí òbí kọ orúkọ ẹni tí yóò wá mú ọmọ.

"Kí ọmọ máa wá déédéé" náà kò sọ nǹkan kan. Ẹ kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀: ọmọ tí kò bá wá síbi ìdánrawò tó gbẹ̀yìn ṣáájú ọjọ́ Àìkú kan kò ní kọrin lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Èyí tí ọ̀fun ń dùn lè wá jókòó gbọ́, kó má kọrin. Bí ohùn ọmọkùnrin bá ti ń yí padà, kí òbí tètè sọ, ká má fi ipá mú un gòkè.

Ní ti ohun èlò, omi àti pẹ́ńsù ni. Bírò kò wọlé lọ́dọ̀ mi, torí ibi tí a ti ń mí nínú orin máa ń yí padà, a sì ní láti pa á rẹ́. Ẹni tí kò ní fáìlì lè ṣẹ́ páálí líle po sí méjì, kó ki ìwé orin sáàárín.

Kí ẹ tó tẹ lẹ́tà náà jáde, ẹ fún ẹnì kan tí kì í ṣe akọrin kà. Ẹ bi í pé, "Aago mélòó ni kí n mú ọmọ mi wá?" Bó bá kọ́kọ́ ronú kó tó dáhùn, ẹ tún ìlà mẹ́ta yẹn kọ.