Ẹ yé kọ ₦9,999 sára àdìrẹ: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí lébẹ́ẹ̀lì àti mẹ́nù wa l'Óṣogbo

Ó ti pọ̀ báyìí láwọn ṣọ́ọ̀bù aláṣọ wa, láti Ọ̀lá-Ìyá títí wọ Ìgbóǹnà, tí wọ́n á lẹ lébẹ́ẹ̀lì mọ́ ọjà tí wọ́n á kọ ₦4,999 tàbí ₦9,999 sí i, torí wọ́n ti rí i lórí fóònù pé báyẹn làwọn òyìnbó ṣe ń kọ ọ́. Ọgbọ́n yẹn ń ṣiṣẹ́ o. Àmọ́ ó nídìí tó fi ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ò bá mọ ìdí ẹ̀, yálà kó máa gé èrè ara ẹ̀ dànù lásán, tàbí kó máa parọ́ fún kọ́sítọ́mà láì fura.

Ìdí ẹ̀ ni pé apá òsì lojú wa ti ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà, èyí tójú bá kọ́kọ́ bá pàdé ló máa ń dúró sí wa lọ́kàn. Ní 2005, Manoj Thomas àti Vicki Morwitz gbé ìwádìí jáde l'Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ yìí: dọ́là 2.99 máa ń dà bíi pé ó kéré dáadáa sí dọ́là 3.00, torí 3 ti di 2 níwájú, ṣùgbọ́n 3.59 ò yàtọ̀ lójú ẹnikẹ́ni sí 3.60, torí 3 ṣì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe àkọ́kọ́ wà. Èèyàn á ní aṣọ ₦8,600, á wá kọ ọ́ ní ₦8,590, ó rò pé òun ti fọgbọ́n ṣe é. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ₦10 tiẹ̀ ló kàn sọ nù.

Ẹ jẹ́ ká fi àdìrẹ ọ̀pá márùn-ún ṣírò ẹ̀. Ká ní ₦7,500 ló ná yín, ₦10,000 lẹ sì ń tà á, èrè ₦2,500 nìyẹn lórí ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ń ta ogójì lóṣù, ₦100,000 lèrè yín. Tẹ́ ẹ bá wá kọ ọ́ ní ₦9,900, iwájú nọ́ńbà ti yí padà, ó tiẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ìyẹn gan-an ni irú ibi tó yẹ ká lò ó. Ṣùgbọ́n èrè orí ọ̀kan ti di ₦2,400, ẹ sì gbọ́dọ̀ ta méjìlélógójì kẹ́ ẹ tó dé ibi tẹ́ ẹ wà tẹ́lẹ̀. Méjì péré lẹ máa fi kún un, kò le jù. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ fóṣù kan, ẹ kọ iye tẹ́ ẹ tà sílẹ̀, tí ò bá tó méjìlélógójì, ẹ dá a padà sí ₦10,000.

Ẹ má sì lẹ 9 mọ́ gbogbo ọjà inú ṣọ́ọ̀bù. Eric Anderson àti Duncan Simester lo kátálọ́ọ̀gì aṣọ obìnrin l'Amẹ́ríkà, ìwádìí wọn jáde ní 2003, aṣọ kan náà tà ní dọ́là 39 ju bó ṣe tà ní 34 lọ, bẹ́ẹ̀ 34 ló kéré jù! Ohun tí wọ́n tún rí ni pé ọjà tuntun, tí kọ́sítọ́mà ò tíì mọ iye ẹ̀, ni 9 ti máa ń ṣiṣẹ́ jù, tí wọ́n bá sì ti kọ ọ́ sí i pé wọ́n ti dín owó ẹ̀ kù, agbára 9 yẹn á rọ̀. Nítorí náà ẹ má to méjèèjì pọ̀ sórí lébẹ́ẹ̀lì kan.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ṣéńjì. Ta ló fẹ́ fún yín ní náírà kan l'Ọ́jà Ọba? Ẹni tó bá kọ ₦9,999 mọ̀ dájú pé tí wọ́n bá fowó lọ́wọ́ san án, ₦10,000 lòun máa gbà. ₦9,950 náà, ₦50 tí ò sí nínú dúrọ́ọ̀ á di súìtì tàbí "ẹ máa bọ̀ wá gbà á". Iye tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ kọ́ lẹ gbà yẹn. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti 2018, abala 115, sọ pé a ò gbọ́dọ̀ mú kọ́sítọ́mà san ju iye tá a kọ síta lọ. Tiránsífà lè san iye tó bá wù yín, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń fowó lọ́wọ́ rà lọ́dọ̀ yín, ẹ kọ ₦9,900 kẹ́ ẹ sì ní ₦100 nílẹ̀ láàárọ̀, tí kò bá sí, ẹ kúkú kọ ₦10,000.

Ó tún ku nọ́ńbà ńlá tí wọ́n ń fà ní ìlà kọjá. Lọ́dún 1974 àwọn onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn méjì, Amos Tversky àti Daniel Kahneman, kọ ọ́ pé àwọn yí àgbá kẹ̀kẹ́ kan tí nọ́ńbà wà lára ẹ̀ níwájú àwọn èèyàn, èyí tí wọ́n ti ṣe kó máa dúró lórí 10 tàbí 65 nìkan, wọ́n wá bi wọ́n pé nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá mélòó lórílẹ̀-èdè Áfíríkà jẹ́ nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Àwọn tó rí 10 fi sí nǹkan bíi 25, àwọn tó rí 65 fi sí nǹkan bíi 45. Nọ́ńbà tí ò kan ọ̀rọ̀ náà rárá fà wọ́n lọ! Mélòó mélòó wá ni ₦18,000 tẹ́ ẹ kọ sára aṣọ, tẹ́ ẹ fàlà sí, tẹ́ ẹ wá kọ ₦9,900 sábẹ́ ẹ̀.

Tí ẹ bá ti ta aṣọ yẹn ní ₦18,000 rí, kò burú. Ṣùgbọ́n tó bá ti di oṣù kẹjọ, táwọn àlejò ti ń wọ̀lú fún ọdún Ọ̀ṣun, àwọn kan á jókòó wọ́n á máa kọ ₦18,000 tí ẹnì kankan ò san rí. Àwọn míì á ní ṣebí a máa ń bu owó lé ọjà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó ná an. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lẹ́nu ìná-ọjà, ẹni tó ń tà mọ̀, ẹni tó ń rà náà mọ̀ pé ibi tá a ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, "ẹ bá mi dín in" ló máa tẹ̀ lé e. Iye tá a fàlà sí ń sọ ìtàn ni, ó ń sọ pé wọ́n ti tà á ní iye yìí rí, àlejò tó kà á ò sì rí ọ̀nà tó máa fi yẹ̀ ẹ́ wò. Irọ́ nìyẹn, òfin 2018 yẹn náà sì ka ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn lórí iye ọjà léèwọ̀. Láwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, iye tó kéré jù tẹ́ ẹ tà á láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú lẹ gbọ́dọ̀ kọ bí iye àtijọ́. Ìwé kékeré kan tẹ́ ẹ̀ ń kọ déètì àti iye sí ti tó láti ṣe irú ẹ̀ níbí.

Ti mẹ́nù ò gùn. Kéèyàn kọ àmàlà pẹ̀lú odidi ẹja àrọ̀ ní ₦9,500 sókè pátákó, kí ti ₦3,500 lè rọrùn lójú, kò sẹ́ṣẹ̀ níbẹ̀, tí ẹja yẹn bá wà. Tó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni "ó ti tán", ẹ pa á rẹ́. Ike tí wọ́n fi ń di oúnjẹ lọ náà, ẹ kọ iye ẹ̀ síbẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí kọ́sítọ́mà bá ń sanwó.

Tí ọjà bá sì wọ́n sí i, ẹ ya lébẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kúrò kẹ́ ẹ tó lẹ tuntun, torí abala 115 yẹn náà ló sọ pé tí iye méjì bá wà níta, èyí tó kéré ni kọ́sítọ́mà máa san.