Ẹ Má Fa Méjèèjì Dópin: Àṣìṣe Tó Ń Gbé Bátìnì Pamọ́ Lórí Fóònù Android

Ẹjọ́ kan wà tó máa ń dé ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Táíwò, nílùú Ìlọrin, pàápàá lẹ́yìn Iléyá, nígbà tí àwọn ọmọ tó wálé ọdún bá ti padà síbi iṣẹ́. Ìyá kan á mú fóònù wá pé áàpù báńkì òun ti bàjẹ́. Ó ń wọlé, ó ń kọ iye owó, àmọ́ ibi tó yẹ kó tẹ̀ kí owó lọ ni kò rí mọ́. Kò sóhun tó ṣe áàpù náà. Ọmọ ló rí i pé ojú ìyá òun ti ń ṣe bàìbàì, ló bá wọ Settings, ó fa "Font size" dópin, ó fa "Display size" náà dópin, ó ní, "Màmá, ẹ ó máa ríran dáadáa báyìí," ó sì bá ọkọ̀ Èkó lọ.

Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọmọ yẹn fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọra lójú. "Font size" ń mú kí ọ̀rọ̀ nìkan tóbi. "Display size" ń mú kí gbogbo ohun tó wà lójú fóònù tóbi: ọ̀rọ̀, àwòrán, bátìnì, títí kan àlàfo àárín wọn. Fóònù fúnra rẹ̀ ò sì tóbi sí i. Ahunṣọ òfì tó bá fi òwú tó nípọn hun aṣọ mọ̀ pé ìbú aṣọ kì í tìtorí ìyẹn fẹ̀. Iye òwú tó máa gbà ló ń dín kù.

Ìwọ̀n kan tó ń jẹ́ dp ni Android fi ń ka ààyè tó fún áàpù. Ẹ jẹ́ ká mú fóònù kan tí ojú rẹ̀ jẹ́ 360 dp ní ìbú àti 800 dp ní gígùn, bí ọ̀pọ̀ fóònù tí kò wọ́n ṣe máa ń rí. Bí ẹ bá fa "Display size" dópin, Android kì í sábà jẹ́ kí ìbú yẹn lọ sísàlẹ̀ ju 320 dp lọ, gígùn á sì wá sí nǹkan bíi 711 dp. Gbogbo nǹkan ti fi ìdá kan nínú mẹ́jọ tóbi sí i nìyẹn. "Font size" á wá gun orí ìyẹn. Láti Android 14, tó jáde lọ́dún 2023, ó lè mú lẹ́tà dé ìlọ́po méjì. Wọn kì í ro méjèèjì pọ̀ o, ńṣe ni wọ́n ń sọ ara wọn di púpọ̀: lẹ́tà kékeré á fi ìlọ́po méjì àti ìdámẹ́rin tóbi ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìlà tó ń gba lẹ́tà 40 kò ní í gbà tó 18 mọ́.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń ṣe fún ojú ìwé tí wọ́n ti ń fi owó ránṣẹ́. Ká ní ìlà mẹ́fà ló wà níbẹ̀: orúkọ ẹni tó máa gbowó, nọ́ńbà àkáǹtì, báńkì, iye owó, owó iṣẹ́ àti àlàyé. Bátìnì tó ga tó 48 dp wà nísàlẹ̀ wọn. Ẹ yọ nǹkan bíi 120 dp kúrò fún òkè àti ìsàlẹ̀ ojú fóònù, níbi tí aago, àkọlé àti àmì ìpadàsẹ́yìn máa ń wà. Bí a ò bá tíì fa nǹkan kan, 680 dp ló ṣẹ́ kù, ìlà tó ga tó 56 dp lọ́nà mẹ́fà ò sì dé ìdajì rẹ̀ gan-an. Bí a bá fa "Font size" nìkan dópin, tí ìlà kọ̀ọ̀kan di 100 dp, ìlà àti bátìnì papọ̀ á jẹ́ 648 dp: ó há, ṣùgbọ́n ó gbà á. Bí a bá tún wá fa "Display size" kún un, ààyè tó ṣẹ́ kù á lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 591 dp, nígbà tí ohun tó fẹ́ wọ ibẹ̀ ṣì jẹ́ 648. Bátìnì ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, òun náà ló sì máa bọ́ sóde. Bí kíbọ́ọ̀dù bá tún yọ, kò sẹ́ni tó máa rí nǹkan kan.

Kò yẹ kó burú tó bẹ́ẹ̀, ká sòótọ́. Bí ẹni tó ṣe áàpù bá ṣètò ojú ìwé náà kí ó ṣeé fi ìka fà sókè sódò, bátìnì á kàn wà nísàlẹ̀ ni, ẹ ó sì fà á jáde. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ló ń dán áàpù wò lórí fóònù tí a kò yí nǹkan kan padà lórí rẹ̀, tí wọ́n sì ń gé gíga àpótí mọ́ iye kan pàtó, tí ọ̀rọ̀ bá wá tóbi, á gé sọ́nà. Èmi ò rò pé ó yẹ ká dárí jì wọ́n, pàápàá àwọn báńkì.

Ẹ má yára pa áàpù náà rẹ́, ẹ má sì tẹ "Clear storage". Àṣìṣe yìí ló ń náni lákòókò jù, torí ẹ ó tún forúkọ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, bátìnì ò sì ní í padà. Ẹ dá "Display size" padà ní ìpele kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún ojú ìwé náà ṣí. Bí bátìnì bá yọ, ẹ ti mọ ohun tó fà á. Láti Android 13, àwọn méjèèjì máa ń wà pa pọ̀ lábẹ́ "Accessibility", ní "Display size and text", "Reset settings" sì wà níbẹ̀. Lórí Samsung, "Screen zoom" ni wọ́n ń pe "Display size".

Àmì mìíràn ni àmì ìdánudúró mẹ́ta tó máa ń tẹ̀ lé ara wọn níparí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gé. Bí orúkọ ẹni tó ń gbowó bá parí sí àmì ìdánudúró mẹ́ta yìí, ẹ má fi owó ránṣẹ́ títí ẹ ó fi rí orúkọ náà tán.

Ẹ má sì yí "Display size" padà nígbà tí ẹ bá wà láàárín fífi owó ránṣẹ́. Android sábà máa ń ti ojú ìwé tó wà ní ṣíṣí, á sì tún un ṣí kó lè gba ìwọ̀n tuntun. Ohun tí ẹ ti kọ lè pa rẹ́. Bí ẹ bá ti ṣe é, ẹ kọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ owó tó jáde kí ẹ tó tún un fi ránṣẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ kan tún máa ń wọ "Developer options" lọ yí "Smallest width", ìyẹn ìbú dp ojú fóònù, padà, tí ojú fóònù á wá tóbi débi pé wọn ò rí ọ̀nà padà. Bí "USB debugging" bá ti wà ní títàn, èyí á gbà wọ́n láti orí kọ̀ǹpútà tó ní ètò adb, tí wọ́n fi wáyà so fóònù mọ́:

```
adb shell wm density reset
adb shell settings put system font_scale 1.0
```

Fún ojú tó ń ṣe bàìbàì, "Font size" ni kí ẹ fà, títí ẹni tó ni fóònù á fi lè kàwé láìfún ojú pọ̀, kí ẹ fi "Display size" sílẹ̀ níbi tó wà, tàbí kí ẹ fi ìpele kan péré kún un. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ló ń gbọ̀n, tó ń ṣi bátìnì tẹ̀, ìdàkejì rẹ̀ ni kí ẹ ṣe. WhatsApp ní "Font size" tirẹ̀ nínú "Chats". Ẹ má sì kúrò nílé kí òun fúnra rẹ̀ tó fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ lójú yín, kó lo kíbọ́ọ̀dù, kó tẹ bátìnì ìparí. Fún ojú ìwé tí kò bá gbọ́ràn, ẹ tan "Magnification" nínú "Accessibility": ó ń sọ ohun tó wà lójú fóònù di ńlá fúngbà díẹ̀, ẹ ó máa fi ìka méjì wọ́ ọ kiri, áàpù náà ò sì mọ̀ pé nǹkan kan yí padà.