Bí mo ṣe ráyè kàwé nínú yàrá tí èèyàn márùn-ún ń gbé

Èmi, màámi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti àwọn àbúrò mi méjì la jọ ń gbé yàrá kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, lọ́dún tí mo fẹ́ ṣèdánwò àṣejáde girama. Ilé ojúkojú ni: yàrá mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín. Mo lè ṣíwèé bàólójì láago mẹ́jọ alẹ́, kí aago mẹ́sàn-án lù, kí n ṣì wà lójú ewé kan náà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo fi ọ̀sẹ̀ kan kọ ariwo sílẹ̀. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ohun tí mò ń gbọ́ àti iye ojú ewé tí mo kà. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Lálẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń pariwo, mo ka ojú ewé mẹ́rin. Lálẹ́ tí iná wà, tí tẹlifíṣọ̀n yàrá kejì sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, n kò ka ju kan àbọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tó ń yé mi ló ń fa ọkàn mi kúrò nínú ìwé, kì í ṣe ariwo ńlá. Ohùn kan ṣoṣo ni jẹnẹrétọ̀ ní, tó bá pẹ́ díẹ̀, etí á ti mọ́ ọn lára.

Látinú àkọsílẹ̀ yẹn ni mo ti rí i pé aago mẹ́rin sí márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni ilé ń dákẹ́ jù, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sídìí kànga. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sùn láago méjìlá tí mo sì jí láago mẹ́rin. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ka orí kan tán, n kò rántí nǹkan kan nínú rẹ̀. Nígbà tí mo bẹ màámi pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ máa bá mi jí mi láago mẹ́rin," wọ́n ní, "Bí o bá ti sùn ní mẹ́sàn-án, màá jí ẹ. Bí o ò bá sùn, n ò ní jí ẹ." Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Ìdájí ni mo fi sílẹ̀ fún ohun tó gba kíkà àti rírántí. Ìṣirò, tí ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ bí orí ṣe ń ṣiṣẹ́, ni mò ń ṣe lálẹ́ nínú ariwo.

Lọ́sàn-án, mo máa ń lọ sí fàráńdà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa. Màámi ló bá mi lọ kí bàbá ọlọ́dẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Láti aago mẹ́rin títí ilẹ̀ á fi fẹ́ máa ṣú ni mò ń dáhùn ìbéèrè àtijọ́ níbẹ̀.

Nínú yàrá, mo gbé àga mi kúrò lára ògiri tí tẹlifíṣọ̀n wà lẹ́yìn rẹ̀, mo ká ògbólógbòó ìró, mo fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Òwú ni mo kọ́kọ́ kì bọ etí, kò dín ariwo kù tó nǹkan. Fóòmù kékeré tí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ fi ń dí etí ló ṣiṣẹ́. Mo rà á níbi tí wọ́n ti ń ta ìbọ̀wọ́ àti bàtà iṣẹ́. Mo fọ ọwọ́, mo yí i títí ó fi tín-ín-rín, mo wá gba orí na ọwọ́ kejì, mo fi fa òkè etí sókè sẹ́yìn kí ihò etí lè tọ́, mo tì í wọlé, mo sì fi ìka dì í mú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá títí ó fi wú padà. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tí ohùn mi dún kíjikíji nínú orí ara mi, ó ti wọ̀ dáadáa nìyẹn. Mo máa ń jẹ́ kí ìdí rẹ̀ yọ síta kí n lè rí i fà yọ. Tẹlifíṣọ̀n ò dákẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò yé mi mọ́. Bí iná bá wà, mo tún ń tan fáànù, kí ohùn rẹ̀ bo èyí tó kù.

Mo máa ń fi fóòmù yẹn sùn láago mẹ́sàn-án, ìdí nìyẹn tí màámi fi ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi dípò kí wọ́n pè mí. Bí èmi nìkan bá wà pẹ̀lú àwọn àbúrò mi, tàbí ìkòkò wà lórí sítóòfù, n kì í lò ó.

Apá fóòmù yẹn ò ká ìnáwó ọjọ́ Sátidé. Bí wọ́n bá ta kánópì sí àdúgbò, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá síta, àyà gan-an ni ìlù ń lù. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, n kì í ṣí ìwé tuntun. Àwòrán ọkàn àti kíndìnrín ni mo máa ń yà, tí mo ń kọ orúkọ sí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n á fi tú kánópì.