Ìdí igi tàbí orí òjorí: àṣìṣe tí ó máa ń da ogún rú nílé olóbìnrin púpọ̀

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù nínú ìpàdé ẹbí ní Àkúrẹ́ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí àwọn ọmọ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè pé ìdí mélòó, ìyẹn ìyàwó mélòó tí ó bímọ fún un, ni olóògbé fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú bàbá kan tí ó fẹ́ ìyàwó mẹ́ta lọ́nà ìbílẹ̀, tí kò sì kọ ìwé ìhágún. Ìyálé bí ọmọ kan ṣoṣo, ìyàwó kejì bí márùn-ún, ìyàwó kékeré sì bí méjì. Oko kòkó éékà 12 ni ó fi sílẹ̀ ní ọ̀nà Ìdànrè.

Bí a bá pín in ní ìdí igi, éékà mẹ́rin-mẹ́rin ni ìdí kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Ọmọ ìyálé nìkan ni yóò ni mẹ́rin, àwọn ọmọ ìyàwó kékeré yóò gba méjì-méjì, èyí tí ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún kò sì ní tó éékà kan. Ní orí òjorí, tí a ń fi iye orí gbogbo ọmọ pín in, éékà kan àtààbọ̀ ni ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Kò ṣòro láti mọ ẹni tí yóò fara mọ́ èyí, àti ẹni tí yóò fara mọ́ ìyẹn.

Ohun tí àwọn ọmọ márùn-ún máa ń sọ ni pé ìdí igi ti di ti àtijọ́, pé kóòtù kò ní gbà á mọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ etí, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ẹjọ́ ogún Suberu Dawodu ti Èkó, tí ó kú ní 1940, adájọ́ àkọ́kọ́ ka orí òjorí sí ọ̀nà tí ó tọ́ jù, ṣùgbọ́n àwọn kóòtù tí ó ga jù ú lọ, títí dé èyí tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, yí ìdájọ́ náà padà: ìdí igi ni ìpìlẹ̀ àṣà Yorùbá, bí ìjà bá sì ṣẹlẹ̀, olórí ẹbí ni ó lè yan orí òjorí. Nítorí náà, àwọn ọmọ tí ó pọ̀ ní ìdí kan kò lè fi iye wọn dìbò yan ọ̀nà ìpín.

Àṣìṣe kejì wà nínú kíka ìdí fúnra rẹ̀. Ìyàwó tí kò bímọ fún olóògbé kì í ṣe ìdí, bí ó tilẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gbé inú ilé. Ní ìdàkejì, ìyàwó tí ó ti kú, tàbí tí ó ti kọ ọkọ, ṣì jẹ́ ìdí bí ó bá ti bímọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fò ìdí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ fún un nínú ìpàdé. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní ìlú òkèèrè.

Kí wọ́n má sì ṣe ta ẹ̀ka oko kankan kí olórí ẹbí àti àgbà ìdí kọ̀ọ̀kan tó fọwọ́ sí i. Títà tí olórí ẹbí kò mọ̀ sí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Èyí tí òun nìkan tà, láìfi àwọn àgbà ìdí ṣe, wọ́n lè lọ dá a rú ní kóòtù.