Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi òṣìṣẹ́ tí ó ń lọ

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ Ṣàgámù àti Ìjẹ̀bú-Òde, bí a bá bi ẹni tí ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ pé kí ló dé tí ó fi ń lọ, "owó" ni yóò sábà sọ, nítorí pé ìdáhùn yẹn kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Ẹ kúkú bi í pé ìgbà wo ni ó kọ́kọ́ ronú láti wá iṣẹ́ mìíràn, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àkókò náà. Kí ọ̀gá rẹ̀ má ṣe jókòó síbẹ̀ o.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ènìyàn 9 lọ láàárín oṣù 6, tí 6 nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ alẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo òṣìṣẹ́ lọ. Bí 4 nínú àwọn 6 náà bá tọ́ka sí ìgbà tí ilé iṣẹ́ dá ọkọ̀ tí ń gbé wọn lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ dúró, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a óò gbé lọ bá àwọn aláṣẹ. Ṣùgbọ́n ènìyàn 9 kéré, nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ tí ó ṣẹ́kù bóyá ohun kan náà ni ó ń dùn wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ iye tí ọkọ̀ náà ń ná ilé iṣẹ́ lóṣù sí ẹ̀gbẹ́ iye tí gbígba ẹni tuntun àti kíkọ́ ọ níṣẹ́ ń ná an. Ẹ má ṣe kọ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni bí ó ṣe sọ ọ́ sínú ìròyìn náà, nítorí pé ní ẹ̀ka kékeré, àwọn aláṣẹ yóò mọ ẹni tí ó sọ ọ́.