Ẹ fi fídíò wé bí tàwọn tó ṣáájú ṣe máa ń ṣe lórí ìkànnì tó wà
Ẹ̀yin ará, tẹ́ ẹ bá gbé fídíò kan náà sórí TikTok àti Instagram, ẹ má fi iye òǹwòran nìkan wé ara wọn, torí èrò ibẹ̀ ò dọ́gba. Lọ́jọ́ keje, fídíò aró rírẹ mi ní 6,000 ní TikTok, 900 péré ní Instagram. Mo wá to iye ọjọ́ keje fídíò mẹ́sàn-án tó ṣáájú láti kékeré dé ńlá, lórí ìkànnì kọ̀ọ̀kan, mo mú ìkarùn-ún tó wà láàárín: 5,000 ní TikTok, 450 ní Instagram. Fídíò aró fi díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní TikTok, àmọ́ ìlọ́po méjì ni ní Instagram! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ro iye mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pọ̀ kẹ́ ẹ wá fi mẹ́sàn-án pín in. Fídíò kan ṣoṣo tó tàn kálẹ̀ á ba ìṣirò jẹ́. Èyí tẹ́ ẹ bá sì fowó polówó, ẹ yọ ọ́ kúrò.